Òrí, Òróró Àgbọn, Òróró Lárà: Èwo Ló Ń Dí Omi Mọ́nú Irun?

Kò sí epo kan tó ń fún irun lómi. Omi nìkan ló ń fún irun lómi. Iṣẹ́ epo ni pé kó dúró lẹ́nu ọ̀nà, kó má jẹ́ kí omi tó ti wọlé tètè jáde. Ọ̀rọ̀ yìí rọrùn láti sọ, àmọ́ òun gan-an làwọn èèyàn máa ń gbàgbé nígbà tí wọ́n bá ń jiyàn lórí òrí, òróró àgbọn àti òróró lárà tí àwọn ọlọ́jà ń pè ní kásítọ́ ọ́ìlì. Wọ́n á ní èyí sàn ju tọ̀hún lọ, àfi bí ẹni pé iṣẹ́ kan náà ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń ṣe, tó kàn jẹ́ pé ọ̀kan mú iṣẹ́ jùkejì lọ. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀. Ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń gbé lára irun ló yàtọ̀: àgbọn ń wọ inú irun lọ, òrí ń jókòó sórí rẹ̀, lárà sì ń lẹ̀ mọ́ ọn bí oje igi. Ẹni tó bá ti mọ èyí kò ní béèrè mọ́ pé èwo ló dára jù. Ọjọ́ wo àti ibo lára irun ni yóò máa béèrè.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo irun fúnra rẹ̀. Fọ́nrán irun kan ní èèpo tó wà ní ìpele ìpele, tí wọ́n gun orí ara wọn bí ìpẹ́ ẹja, tí ẹnu wọn sì kọjú sí ṣóńṣó irun. Abẹ́ èèpo yìí ni ara irun gan-an wà, purotéènì ló sì pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ara yìí ló ń mu omi. Irun tó gbẹ lójú wa, lọ́jọ́ tí ojú ọjọ́ kò le jù, omi inú rẹ̀ ń lọ bí ìdá 10 sí 15 nínú 100 ìwọ̀n rẹ̀. Bí ẹ bá rì í sómi, ó lè mu tó ìdá 30. Bó ṣe ń mu omi ló ń wú. Sísanra rẹ̀ á fi nǹkan bí ìdá 15 nínú 100 pọ̀ sí i, gígùn rẹ̀ kò sì ní fi bẹ́ẹ̀ yí padà. Tí afẹ́fẹ́ bá tún gbẹ, omi náà á jáde, irun á fún padà. Afẹ́fẹ́ ló ń pàṣẹ, irun kàn ń jẹ́ ẹ ni.

Kí ló wá dé tó fi jẹ́ irun tó ká kókó, irú tiwa, ló máa ń yá gbẹ jù? Awọ orí gbogbo èèyàn ló ń sun ọ̀rá. Lára irun tó nà gbọọrọ, ọ̀rá yẹn ń rọra gba ara fọ́nrán sọ̀ kalẹ̀ bí ìgbà tí omi ń tọ okùn. Lára irun tiwa, fọ́nrán ń yí po, ó ń tẹ̀ síhìn-ín, ó ń tẹ̀ sọ́hùn-ún, ọ̀rá sì ń kú sí ìdí irun. Níbi tí fọ́nrán bá sì ti tẹ̀, ìpẹ́ ẹ̀yìn rẹ̀ kì í lè pa dé dáadáa. Ẹ wá wo ṣóńṣó irun. Irun ń fi nǹkan bí ìwọ̀n sẹ̀ǹtímítà kan hù lóṣù, nítorí náà irun tó bá gùn tó sẹ̀ǹtímítà 30, ṣóńṣó rẹ̀ ti lò tó ọdún méjì ààbọ̀ lórí. Òòyà ti yà á, gèlè ti ha á, ìrọ̀rí ti fà á, ìpẹ́ rẹ̀ míì ti já dànù. Ibẹ̀ ni omi ń gbà jáde jù, ibẹ̀ náà ló sì yẹ kí epo ti ṣiṣẹ́. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló máa ń ki epo sí awọ orí, níbi tí ọ̀rá ti wà tẹ́lẹ̀, tí wọ́n á sì fi ṣóńṣó sílẹ̀ fún afẹ́fẹ́.

Òróró àgbọn ni kí n mú ṣáájú, torí òun ló lẹ́rìí jù, òun náà sì ni wọ́n ń ṣì lò jù. Lọ́dún 2003, àwọn olùwádìí méjì ní Íńdíà, Aarti Rele àti R. B. Mohile, gbé àbájáde iṣẹ́ wọn jáde. Wọ́n fi oríṣi epo mẹ́ta wéra lórí irun: òróró àgbọn, òróró òdòdó sọ́nfúláwà, àti epo aláìláwọ̀ tí wọ́n ń yọ lára epo rọ̀bì. Ohun tí wọ́n wọ̀n ni purotéènì tí irun ń pàdánù nígbà tí wọ́n bá fọ̀ ọ́ tí wọ́n sì yà á. Àgbọn nìkan ló dín àdánù náà kù, yálà wọ́n fi í ṣáájú fífọ̀ tàbí lẹ́yìn rẹ̀. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro. Nǹkan bí ìdajì ọ̀rá inú àgbọn ló jẹ́ ásíìdì lọ́ríìkì, èyí tó kúrú, tó sì tọ́ ṣánṣán, tó lè gba àárín ìpẹ́ kọjá wọ inú irun. Ti sọ́nfúláwà gùn, ó sì tẹ̀ láàárín, nítorí náà ẹnu ọ̀nà ló máa ń há sí. Irun tí òróró àgbọn bá ti wọ̀ kì í lè mu omi àmujù, kì í sì wú kọjá ààlà. Ohun tó ń fọ́ irun ni wíwú àti fífún lemọ́lemọ́, bí aṣọ tí wọ́n ń fún tí wọ́n ń sá láìsinmi.

Ẹnì kan lè sọ pé ilé iṣẹ́ Marico, tó ń ta òróró àgbọn ní Íńdíà, ni àwọn olùwádìí yìí ń bá ṣiṣẹ́. Òótọ́ ni, ó sì yẹ kí òǹkàwé mọ̀ ọ́n. Bí ẹni tó ń ta ọjà bá yìn ín, ó tọ́ kéèyàn fi ìfura gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n lọ́dún 2001, nínú iṣẹ́ kan tí wọ́n jọ ṣe pẹ̀lú àwọn onímọ̀ nípa okùn àti irun ní Princeton lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, wọ́n gé irun ní ìdábùú, wọ́n sì fi ẹ̀rọ wo inú rẹ̀: òróró àgbọn wà nínú irun lọ́hùn-ún, epo ti rọ̀bì kò sí níbẹ̀. Owó oníṣòwò lè mú kéèyàn yan ohun tó fẹ́ wọ̀n. Kò lè ti epo wọ inú irun. Èyí tó tún dùn mọ́ mi nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé àdín tí àwọn ìyá wa ń yọ lára ekùrọ́, ásíìdì lọ́ríìkì inú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ti àgbọn gẹ́lẹ́. Ọmọ ìyá ni àwọn méjèèjì. Ẹni tó ń ra òróró àgbọn olówó gọbọi látòkèèrè, tó sì ń yínmú sí àdín nítorí òórùn rẹ̀, òórùn ló sanwó fún.

Ṣùgbọ́n ohun tó wọlé kọ́ ló ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà. Ibí ni mo ti yà kúrò lọ́dọ̀ àwọn tó ń fi òróró àgbọn dí omi mọ́ irun. Bí òróró bá ti wọ inú fọ́nrán, ìyẹn tó ṣẹ́kù sójú irun á fẹ́lẹ́. Ohun mìíràn ni pé òróró àgbọn máa ń yọ́ bí ooru bá ti tó nǹkan bí ìwọ̀n 24 sí 26 ti Sẹ́líṣọ́ọ̀sì. Ní ọ̀sán Ìbàdàn tàbí Kútọnu, omi ṣìn-ìn ló máa jẹ́ lórí irun. Á ṣàn, á kùn mọ́ kọ́là ẹ̀wù àti aṣọ ìrọ̀rí. Ìyẹn ni wọ́n ṣe ń fi í sí irun láàárọ̀ tí irun á sì tún ti gbẹ ní ìrọ̀lẹ́, tí wọ́n á wá ní irun àwọn ló le. Irun kò ṣẹ̀. Wọ́n fi olùtọ́jú inú ilé ṣe ọdẹ.

Àwọn míì ní tiwọn máa ń sọ pé òróró àgbọn ń mú irun àwọn le bí ìgbálẹ̀, wọ́n á sì ní purotéènì inú rẹ̀ ló pọ̀ jù fún irun àwọn. Ohun tí wọ́n rí kì í ṣe irọ́, àlàyé wọn ni kò tọ̀nà. Òróró àgbọn kò ní purotéènì. Ọ̀rá ni látòkè délẹ̀. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé lówùúrọ̀ ọyẹ́, tí òtútù bá mú un wá sábẹ́ ìwọ̀n 24, á dì padà lára irun, fọ́nrán á sì le. Tí wọ́n bá wá ń fi kún un lójoojúmọ́ láìfọ̀ ọ́, omi tó yẹ kó wọlé kò ní ráyè wọ̀ mọ́. Kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ fi ṣampú fọ̀ ọ́ dáadáa, kó sì dáwọ́ ti àgbọn dúró títí di alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú fífọ irun tó kàn. Bí irun bá rọ̀ padà lẹ́yìn fífọ̀ kan tàbí méjì, epo tó ti gbára jọ ló fà á.

Òrí ló kàn, òun ni mo sì gbà pé ó tọ́ sí iṣẹ́ dídí yìí. Ásíìdì méjì ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, oléìkì tó ń rọ̀ ọ́ àti sítíáríìkì tó ń mú un dì. Méjèèjì gùn ju ti àgbọn lọ, wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ wọ inú irun, ojú irun ni wọ́n ń kù sí. Òrí ti apá Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, irú èyí tí àwọn obìnrin ń pò ní agbègbè Ṣakí àti Kìṣí títí dé apá àríwá orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ lọ́wọ́ Parakú, sítíáríìkì inú rẹ̀ pọ̀ ju ti Ùgáńdà lọ, ìdí nìyẹn tí ti ibẹ̀ fi máa ń rọ̀ bí epo, tí tiwa sì ń dúró bíi bọ́tà. Ìwọ̀n ooru ara èèyàn ló ń yọ́ ọ. Ẹ fi í sáàárín àtẹ́lẹwọ́, á di omi. Ẹ fà á sára irun, tí kò gbóná tó àtẹ́lẹwọ́, á tún rọra dì padà. Dídì padà yìí ni gbogbo agbára rẹ̀. Ọ̀rá tó dì máa ń ṣòro fún omi láti gbà kọjá ju òróró tó ń ṣàn lọ, bí ògiri amọ̀ ṣe ń dí afẹ́fẹ́ ju aṣọ ìkélé lọ. Yàtọ̀ síyẹn, àwọn èròjà kan wà nínú òrí tí kì í di ọṣẹ bí wọ́n bá pò ó mọ́ eérú. Wọ́n pọ̀ nínú rẹ̀ ju ti ọ̀pọ̀ òróró lọ, wọ́n sì wà lára ohun tó ń jẹ́ kó pẹ́ lójú irun.

Àtakò tó lágbára jù sí èyí wá láti ilé ìwádìí. Àwọn tó ti wọn ọ̀rọ̀ yìí lórí ẹ̀rọ sọ pé epo tí wọ́n fi sára irun kì í dí omi pátápátá, pé ó kàn ń fa wíwọlé àti jíjáde rẹ̀ sẹ́yìn ni, àti pé bí ó bá ṣe nípọn tó ló ń fà á sẹ́yìn tó. Mo gbà, n kò sì rí i bí àtakò. Kò sẹ́ni tó ń wá irun tí omi kò ní jáde nínú rẹ̀ láé. Ohun tí a ń wá ni pé kí omi tí irun mu lọ́jọ́ Àbámẹ́ta má tíì tán ní Ọjọ́rú. Ṣùgbọ́n ìwádìí náà kọ́ wa ní nǹkan kan tí àwọn tó ń ta epo kì í sọ: ilẹ̀kùn tó dí omi mọ́lé ló tún ń dí i mọ́ta. Òrí tí ẹ fi sórí irun gbígbẹ, gbígbẹ náà lẹ tì mọ́lé. Irun á máa dán, ọwọ́ á máa yọ̀, síbẹ̀ bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, á máa dún wìnnìwìnnì bí ewé gbígbẹ.

Òrí ní àléébù tirẹ̀. Bí ó bá yọ́ lójú oòrùn tó sì dì díẹ̀díẹ̀, sítíáríìkì á kóra jọ lọ́tọ̀, á di horo kéékèèké bí iyanrìn. Kò bàjẹ́, àmọ́ horo yìí kì í tàn dọ́gba lára irun. Ẹ gbé abọ́ rẹ̀ sínú omi gbígbóná kó yọ́ tán, kẹ́ ẹ wá gbé e bọ inú omi tútù kẹ́ ẹ máa rò ó títí á fi dì. Kíákíá tó bá dì ni horo kò fi ní lè para pọ̀. Àpọ̀jù rẹ̀ máa ń ṣe funfun lẹ́nu òòyà, omi nìkan kò sì lè fọ̀ ọ́ kúrò.

Òróró lárà ní tirẹ̀ jẹ́ àjèjì láàárín wọn. Nǹkan bí ìdá 85 sí 90 nínú 100 rẹ̀ ni ásíìdì ríṣínóléìkì, èyí tí àwọn òróró tó kù kò ní. Ásíìdì yìí ní ẹ̀ka kan lára tó fẹ́ràn omi, ẹ̀ka náà ló sì ń jẹ́ kí àwọn ọ̀rá inú rẹ̀ di ara wọn mú. Ohun tó mú un ki nìyẹn: ó ki ju òróró àgbọn tó ti yọ́ lọ ní ìlọ́po mẹ́wàá, ó kéré tán. Ó ń dúró nípọn lára irun, nítorí náà ó lè fa jíjáde omi sẹ́yìn dáadáa. Àmọ́ kíki yẹn náà ló ń mú fọ́nrán lẹ̀ mọ́ fọ́nrán, tí eruku sì ń lẹ̀ mọ́ àwọn méjèèjì. Lọ́dún 2017, àwọn oníṣègùn ní Íńdíà kọ̀wé nípa ọ̀dọ́bìnrin ọmọ 20 ọdún kan tó fi òróró lárà àti òróró àgbọn sí irun rẹ̀ gígùn. Nígbà tó fọ irun ọ̀hún tán, ó ti lọ́ mọ́ra wọn di odindi kan tó le bí òkúta, gígé ló sì gbẹ̀yìn rẹ̀. Irú rẹ̀ kò wọ́pọ̀, mi ò sì mẹ́nu bà á láti dẹ́rù ba ẹnikẹ́ni. Ó kàn jẹ́ ká mọ ohun tí òróró tó ń lẹ̀ lè dà lórí irun púpọ̀ nígbà tí ọwọ́ bá ń pò ó kiri nínú omi.

Àwọn olólùfẹ́ lárà á ní òun ló ń hu irun. Lọ́dún 2022, àwọn oníṣègùn awọ ara ṣàyẹ̀wò àwọn ìwádìí tó wà nílẹ̀ lórí òróró àgbọn, ti lárà àti ti ágáànì fún irun àwọn èèyàn aláwọ̀ dúdú àti àwọn tó jọ wọ́n. Wọn kò rí ẹ̀rí tó lágbára pé lárà ń mú irun hù. Èyí tó dúdú, tí wọ́n ń pè ní ti Jàmáíkà, wọ́n yan èso rẹ̀ kí wọ́n tó sè é ni. Yíyan ló sọ ọ́ dúdú, ríṣínóléìkì kan náà ló sì pọ̀ jù nínú rẹ̀. Bí irun ẹni tó ń lò ó bá dà bí ẹni pé ó ń pọ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ṣóńṣó tó máa ń kán tẹ́lẹ̀ ni kò kán mọ́. Ìyẹn pàápàá kì í ṣe ohun kékeré. (Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má yọ òróró lárà fúnra yín nílé: májèlé líle wà nínú èso rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í bá òróró náà jáde.)

Tí a bá kó gbogbo rẹ̀ pọ̀, báyìí ni yóò rí fún obìnrin kan tí irun rẹ̀, bí wọ́n bá nà án, ó kan èjìká, nínú ọyẹ́ oṣù Kìíní. Lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì, á fi ṣíbí ìjẹun méjì òróró àgbọn ra irun gbígbẹ láti àárín dé ṣóńṣó, á yẹra fún awọ orí, á di irun náà sí ọ̀nà mélòó kan, á so aṣọ mọ́ ọn, á sùn. Láàárọ̀ Àbámẹ́ta á fi ṣampú fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, á fi kọndíṣọ́nà sí i, á ṣàn án. Kò ní fi táwẹ́ẹ̀lì rin ín. Ẹ̀wù olówùú tó ti gbó ni yóò fi tẹ omi kúrò lára rẹ̀ títí tí kò fi ní kán mọ́, ṣùgbọ́n tó ṣì tutù lọ́wọ́. Àkókò yìí ni gbogbo rẹ̀ rọ̀ mọ́: bí omi bá ṣì ń kán, òrí á yọ̀ dànù, bí irun bá ti gbẹ, ọ̀nà ti dí. Á pín in sí ọ̀nà mẹ́jọ. Fún ọ̀nà kọ̀ọ̀kan, òrí tó tó wóró ẹ̀wà kan ni yóò fi ọwọ́ yọ́ títí á fi di omi, á bẹ̀rẹ̀ láti ṣóńṣó, èyí tó bá ṣẹ́kù lọ́wọ́ ni yóò fi gòkè. Fún ìwọ̀n ìka méjì tó gbẹ̀yìn irun nìkan, á lo àdàlù ṣíbí tíì mẹ́rin òrí sí ẹyọ kan lárà, kí òrí gba kíki lárà láì gba lílẹ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn náà á ta á tàbí kó fi òwú kó o, títí á fi gbẹ.

Lọ́jọ́ kẹta ni yóò dán an wò. Á fi tíṣù funfun tẹ ṣóńṣó irun. Bí tíṣù bá fà díẹ̀ tí irun sì rọ̀, ó ti ṣe é re. Bí tíṣù bá rin fún epo tí irun sì le, epo ló pọ̀, omi ni kò sí. Òrí míì kò lè tún un ṣe, fífọ̀ ni. Bí tíṣù bá gbẹ tí irun náà gbẹ, á fọ́n omi díẹ̀ sí ṣóńṣó, á fi òrí tó tó ìdajì wóró ẹ̀wà lé e. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, á fọ gbogbo rẹ̀ kúrò, á tún bẹ̀rẹ̀.

Ìwọ̀n yìí kò ní dúró bẹ́ẹ̀ lọ́dún yípo. Ní oṣù Keje ní Èkó, afẹ́fẹ́ fúnra rẹ̀ kún fún omi, òrí díẹ̀ ti tó, lárà kò sì wúlò rárá. Àwọn ará wa tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù mọ ọyẹ́ mìíràn: ẹ̀rọ amúlégbóná máa ń gbẹ afẹ́fẹ́ inú ilé gan-an lákòókò òtútù, òrí wọn sì ní láti pọ̀ lóṣù Kejìlá bíi tàwọn ará Kìṣí.

Ó ku àwọn tó ń sọ pé àdín nìkan ni àwọn ìyá àgbà wa lò, kò sì sí òrí tàbí lárà nínú rẹ̀, síbẹ̀ irun wọn rọ̀. Àdín wọ inú irun gẹ́gẹ́ bí àgbọn ṣe ń wọ̀ ọ́, mo ti sọ ọ́. Àmọ́ ẹ wo ohun tí wọ́n tún ṣe lẹ́yìn rẹ̀: wọ́n fi òwú dúdú kó irun láti ìdí dé ṣóńṣó, tàbí wọ́n dì í ní ṣùkú, wọ́n sì wé gèlè lé e. Òwú tó yí fọ́nrán po, tí kò jẹ́ kí afẹ́fẹ́ fẹ́ sí i, ó ń dí ọ̀nà ju epo èyíkéyìí lọ. Ẹni tó bá fi irun rẹ̀ sílẹ̀ gàgàrà nínú ọyẹ́, kò lè retí pé kí àdín nìkan ṣe iṣẹ́ tí àdín àti òwú jọ ṣe fún ìyá rẹ̀ àgbà.

Bí owó yín bá tó ra ẹyọ kan ṣoṣo, òrí ni kẹ́ ẹ rà, kẹ́ ẹ sì máa fi í sí irun tó ṣì tutù. Òróró àgbọn tó bá wà nílé, ẹ gbé e pamọ́ de alẹ́ ọjọ́ Ẹtì. Lárà lè dúró lórí pẹpẹ títí ọyẹ́ á fi dé.